Tábúlẹ́ẹ̀tì Kan, Ọwọ́ Mẹ́ta

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá àwọn tó ti gbé ìwé ọjà tì, tó jẹ́ pé tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń tajà báyìí. Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù kan ṣe àpẹẹrẹ. Mo máa sọ àwọn tó wà níbẹ̀ lórúkọ kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ lásán ni o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun ni mo ń bá wí.

Ká ní Bódìjà n'Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, tí wọ́n ń ta mílíìkì, ṣúgà, bísíkíìtì àti ọṣẹ. Ìyá Ayọ̀ ló ni ín. Bùkọ́lá ló ń ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, Kúnlé á sì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n ra tábúlẹ́ẹ̀tì Áńdíróìdì, Ìyá Ayọ̀ gbé e lé Bùkọ́lá lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ lo mọ fóònù jù nínú wa, bá mi tò ó." Bùkọ́lá sì tò ó. Tábúlẹ́ẹ̀tì béèrè ímeèlì, ó fi tirẹ̀ sí i. Áàpù ìtajà náà béèrè ímeèlì, tirẹ̀ náà ló fi sí i. Ó wá yan píìnì kan, 1234, tí gbogbo wọn ń tẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ, owó ń wọlé, kò sẹ́ni tó rántí ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà mọ́. Àfìgbà tí Bùkọ́lá ríṣẹ́ sí Èkó, tó wá kúnlẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun, mà. Òpin oṣù yìí ni mo máa lọ."

Ẹ ó rí i pé kò sí olè nínú àpẹẹrẹ yìí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù rò pé ẹni tó bá bínú lọ nìkan la ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, pé tá a bá ṣe é fún ọmọ dáadáa, àfi bí ẹni pé a fẹ̀sùn kàn án. Ẹ wò ó: bí ₦20,000 bá dínkù lóṣù tó ń bọ̀, tí píìnì Bùkọ́lá ṣì ń ṣiṣẹ́, ta ni yóò jẹ́rìí gbè é? Ọmọ náà wà l'Èkó, kò mọ nǹkan kan, orúkọ rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu wọn. Ẹni tó lọ ní tùbí-ìnùbí gan-an ló yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ pátápátá lọ́jọ́ tó ń lọ.

Àmọ́ kí á tó lè gba àṣẹ padà, ó yẹ ká mọ bó ṣe yẹ ká fún èèyàn. Orí ímeèlì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Lójú àwọn tó ṣe áàpù ìtajà, ẹni tó ni ímeèlì tí wọ́n fi ṣí i ló ni ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá gbàgbé páàsíwọ́ọ̀dù, ẹ ó tẹ ibi tí wọ́n kọ `Forgot password` sí, wọn á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ímeèlì yẹn, ẹni tó bá sì lè ka lẹ́tà náà ló máa yan páàsíwọ́ọ̀dù tuntun. Wọn kì í béèrè pé ta ló sanwó ọjà. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí ímeèlì ọ̀gá wà ní ṣíṣí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì káńtà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń lo irú tábúlẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀gá, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ímeèlì méjì ni mo máa ń ní kí oníṣọ́ọ̀bù ṣí. Àkọ́kọ́ ni ímeèlì ọ̀gá. Orí fóònù Ìyá Ayọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò wà, nọ́ńbà Ìyá Ayọ̀ ni yóò wà níbi tí Gúgùlù ti ń béèrè `Recovery phone`, òun ni wọn yóò fi forúkọ áàpù ìtajà sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dé orí tábúlẹ́ẹ̀tì láé. Èkejì ni ímeèlì káńtà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kí tábúlẹ́ẹ̀tì lè gba áàpù wálẹ̀ láti `Play Store`. Ọwọ́ ọ̀gá ni páàsíwọ́ọ̀dù méjèèjì máa wà, kó kọ wọ́n sínú ìwé tó wà nílé, kì í ṣe sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Kò sídìí tí ọmọ iṣẹ́ fi ní láti mọ ti ímeèlì káńtà, torí pé lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tò ó ni a máa ń tẹ̀ ẹ́, ó parí.

Àmọ́ àwọn áàpù ìtajà kan wà tó jẹ́ pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi ímeèlì tirẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan lórí tábúlẹ́ẹ̀tì kí áàpù lè mọ ṣọ́ọ̀bù tó ń bá ṣiṣẹ́. Kò burú. Kí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá wá béèrè bóyá kí òun tọ́jú páàsíwọ́ọ̀dù náà, ẹ má tẹ `Save` o. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá mọ píìnì tí ẹ fi ń ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì lè wá a rí nínú `Settings`, kó sì kà á bí ẹni ka ìwé.

Ẹnì kan lè máa rò ó pé, ṣé kò kúkú sàn kí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì? Ó ṣeé ṣe. Láti ọdún 2012, nígbà Áńdíróìdì 4.2, ni tábúlẹ́ẹ̀tì ti lè gba ju ẹnì kan lọ, ẹ lè rí i nínú `Settings`, níbi tí wọ́n kọ `Users` sí, bí iléeṣẹ́ tó ṣe tiyín kò bá mú un kúrò. Áípáàdì lásán tí a rà lọ́jà kò ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò wúlò lórí káńtà. Oníbàárà mẹ́rin dúró, ẹ ń ti yàrá Bùkọ́lá, ẹ ń ṣí ti Kúnlé, ẹ sì ń dúró kí áàpù gbéra. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo wọn á padà sínú yàrá ẹnì kan. Píìnì inú áàpù ìtajà ló yá jù, òun ló sì ń kọ orúkọ ẹni tó tajà sórí rìsíìtì.

Kí wá ni èrè píìnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ẹ jẹ́ ká wo ọgbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí ọjà. Oníbàárà ra ọjà ₦6,200, ó san owó lọ́wọ́, ó gba rìsíìtì, ó lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tó wà ní káńtà ṣí rìsíìtì yẹn, ó tẹ `Refund`, bí ẹni pé oníbàárà dá ọjà padà. Tábúlẹ́ẹ̀tì yọ ₦6,200 kúrò nínú iye tó yẹ kó wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹni náà sì fi ₦6,200 sápò. Nígbà tí Ìyá Ayọ̀ bá kawó lálẹ́, owó pé géérégé. Ọjà ni kò pé. Lójú áàpù, mílíìkì àti ṣúgà yẹn ti padà sórí pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti wà nílé oníbàárà. Bí ẹ kò bá ka ọjà, ẹ kò lè mọ̀. Bí ẹ bá sì kà á tí ẹ mọ̀, tó jẹ́ pé 1234 ni gbogbo ayé ń tẹ̀, ta lẹ fẹ́ bi léèrè?

Nítorí náà, lórí fóònù ọ̀gá, nínú áàpù, ẹ forúkọ Bùkọ́lá àti Kúnlé sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹtajà, kí ẹ fún wọn láṣẹ láti tajà kí wọ́n sì tẹ rìsíìtì. Ẹ má fún wọn láṣẹ láti dá owó padà, láti yí iye ọjà padà tàbí láti pa ọjà rẹ́ nínú àkọsílẹ̀. Bí oníbàárà bá dá ọjà padà lóòótọ́, ọ̀gá ni yóò tẹ píìnì tirẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ áàpù ń béèrè, ẹ jẹ́ kí kálukú yan tirẹ̀, kì í ṣe ọdún tí wọ́n bí i. Kí ẹ sì ṣètò pé kí áàpù máa ti ara rẹ̀ lẹ́yìn ọjà kọ̀ọ̀kan, tàbí lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Bí kò bá ń tì, Bùkọ́lá á lọ jẹun, Kúnlé á máa tajà lórúkọ Bùkọ́lá, ohun tí ẹ tò á sì di asán.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ba ètò yìí jẹ́. Oníbàárà ń jà pé òun fẹ́ dá bísíkíìtì padà, Ìyá Ayọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá pe Kúnlé lórí fóònù, "Tẹ tèmi, 4-0-7-1." Èèyàn ni gbogbo wa, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, kó pààrọ̀ nọ́ńbà yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà kó tó sùn.

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ Bùkọ́lá tó ń lọ. Bí ẹ bá bi Ìyá Ayọ̀ pé kí ló wà lọ́wọ́ ọmọ náà, yóò ní píìnì ni. Ẹ jẹ́ ká kà á fún un. Ímeèlì Bùkọ́lá ló wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ímeèlì rẹ̀ ló ni áàpù ìtajà. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì. Áàpù yẹn tún wà lórí fóònù rẹ̀, torí òun ló ń bá Ìyá Ayọ̀ ka iye tí wọ́n tà lálẹ́. Wátsáàpù ṣọ́ọ̀bù wà lórí fóònù rẹ̀ bákan náà, ó fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn nígbà tó bá wà nínú mọ́tò. Páàsíwọ́ọ̀dù Wáìfáì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Kò jí ọ̀kankan nínú wọn. Ìyá Ayọ̀ ló fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọpẹ́.

Orí ímeèlì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì dúró di ọjọ́ tó máa lọ. Bí Bùkọ́lá ṣe dágbére ní ọjọ́ kẹwàá oṣù, kí òun àti Ìyá Ayọ̀ jókòó pọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ ọjà títà wálẹ̀ sínú fóònù ọ̀gá, kí nǹkan kan má bàa sọnù. Lẹ́yìn náà, kí Bùkọ́lá wọnú áàpù kó sì fi ímeèlì ọ̀gá rọ́pò tirẹ̀. Áàpù lè fi kóòdù ránṣẹ́ sí ímeèlì àtijọ́ láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ó bá ti dé Èkó tí iṣẹ́ tuntun ti gbà á lọ́kàn, kóòdù tó ń kú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá á di wàhálà ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ímeèlì káńtà sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, kí Bùkọ́lá sì yọ tirẹ̀ kúrò: nínú `Settings`, ẹ wá `Passwords & accounts` tàbí orúkọ tó bá sún mọ́ ọn, ẹ tẹ ímeèlì náà, kí ẹ tẹ `Remove account`. Àwọn kan máa ń ní kí àwọn kúkú fi bọ́tìnnì ara tábúlẹ́ẹ̀tì pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́, kó padà di tuntun. Ẹ má dán an wò tí ímeèlì ẹlòmíràn bá ṣì wà lórí rẹ̀. Láti Áńdíróìdì 5.1 tó jáde ní 2015 ni wọ́n ti fi ìdènà olè kan sí i: bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá jí padà lẹ́yìn irú ìparẹ́ bẹ́ẹ̀, ímeèlì tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò béèrè, bí kò bá sì rí i, ó lè kọ̀ láti ṣí. Tábúlẹ́ẹ̀tì yín lè wá máa dúró de ẹni tó wà l'Èkó.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀gá ló ni ímeèlì lóòótọ́, àmọ́ nọ́ńbà ọmọ iṣẹ́ ló wà nídìí `Recovery phone`. Àwọn yẹn gan-an ló yẹ kó yára. Gúgùlù sọ ọ́ kedere pé bí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà yẹn, ó ṣì lè ṣeé ṣe kí wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àtijọ́ fún ọjọ́ 7. Nítorí ẹni tí olè gba ímeèlì rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹni tó pààrọ̀ nọ́ńbà lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ ń lọ ṣì fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún un. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ. Ọjọ́ tó bá wá lọ, ẹ wọ `myaccount.google.com`, ẹ lọ sí `Security`, kí ẹ wo `Your devices`. Gbogbo fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì tí ímeèlì náà wà lórí rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ `Sign out`. Lẹ́yìn náà lẹ óò pààrọ̀ páàsíwọ́ọ̀dù.

Inú áàpù ìtajà ló kàn, níbi tí mo ti máa ń rí àṣìṣe jù. Ẹni tó bá pa píìnì Bùkọ́lá nìkan, tí áàpù ṣì ṣí sílẹ̀ lórí fóònù Bùkọ́lá pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá, dà bí ẹni tó pààrọ̀ àgádágodo nígbà tí ẹni tó fẹ́ tì síta ṣì wà nínú ilé. Ní ọ̀pọ̀ áàpù, píìnì ń ṣọ́ káńtà nìkan, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú fóònù tó ti wọlé tẹ́lẹ̀. Páàsíwọ́ọ̀dù ọ̀gá ni kí ẹ pààrọ̀, bí áàpù bá sì ní ibi tí ẹ ti lè lé gbogbo ẹ̀rọ yòókù jáde, kí ẹ lò ó. Kí Bùkọ́lá ṣí fóònù rẹ̀ níṣojú yín, kí ẹ jọ rí i pé áàpù ń béèrè páàsíwọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà kó yọ ọ́ kúrò.

Orúkọ Bùkọ́lá nínú áàpù ńkọ́? Bí áàpù bá ní `Deactivate`, òun ni kí ẹ tẹ̀. Ó máa ń pa àṣẹ rẹ̀ kú, àkọsílẹ̀ ohun tó tà á sì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ `Delete` nìkan ló ní, ẹ rí i dájú pé ẹ ti gba àkọsílẹ̀ wálẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni pé kí ẹ pa orúkọ Bùkọ́lá rẹ́ kí ẹ kọ ti ọmọ tuntun sí àyè rẹ̀ nítorí àtidín iṣẹ́ kù. Nínú àwọn áàpù kan, gbogbo ohun tí Bùkọ́lá ti tà sẹ́yìn á di ti ọmọ tuntun náà, èyí tí kò tíì mọ iye tí ọṣẹ kan jẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe èyí lórí fóònù ọ̀gá, ẹ lọ sí káńtà kí ẹ tẹ píìnì Bùkọ́lá. Ó yẹ kó kọ̀. Bí ó bá gbà, ẹ wo dátà. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan ti kúrò, píìnì àtijọ́ á sì máa ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbọ́. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn náà, ẹ pààrọ̀ píìnì tí ẹ fi ń ṣí i, kí ẹ sì wá ibi tí ìka ọwọ́ wà nínú `Settings`, kí ẹ yọ ti Bùkọ́lá. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: pípààrọ̀ píìnì kì í yọ ìka ọwọ́.

Wátsáàpù rọrùn bí síìmù bá wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Lórí fóònù tó ni nọ́ńbà náà, ẹ wọ `Linked devices`. Ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn kò lè ju 4 lọ, ẹ tẹ ti Bùkọ́lá, kí ẹ tẹ `Log out`. Bí síìmù ṣọ́ọ̀bù bá wà nínú fóònù ọmọ náà, ẹ gbà á kó tó lọ, kí ẹ sì béèrè píìnì onínọ́ńbà 6 tí wọ́n ń pè ní `Two-step verification`. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, tí kò sì sí ímeèlì nídìí rẹ̀, Wátsáàpù lè mú yín dúró fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó wọlé. Bó bá sì jẹ́ pé nọ́ńbà Bùkọ́lá fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi NIN rẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ni ẹ fi ń tajà láti ọjọ́ yìí, kò sóhun tí ẹ lè gbà, nọ́ńbà rẹ̀ ni. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín sọ nọ́ńbà tuntun fún àwọn oníbàárà. Kó sì pa orúkọ àwọn tó jẹ ṣọ́ọ̀bù ní gbèsè rẹ́ kúrò nínú fóònù rẹ̀, torí látìgbà tí òfin ààbò ìsọfúnni ti jáde ní 2023, ọ̀gá ni wọn yóò kọ́kọ́ bi bí nọ́ńbà àwọn oníbàárà bá dé ibi tí kò yẹ.

Ẹ pààrọ̀ páàsíwọ́ọ̀dù Wáìfáì. Ní ti áàpù báǹkì, kò yẹ kó dé orí tábúlẹ́ẹ̀tì káńtà rárá. Fóònù kékeré tí àlááàtì ń wọlé sí ti tó fún ọmọ iṣẹ́ láti mọ̀ bóyá owó dé.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí Bùkọ́lá ti lọ, kí Ìyá Ayọ̀ tún ṣí `Your devices` wò, kó sì ṣí àkọsílẹ̀ ọjà kó wá orúkọ Bùkọ́lá níbẹ̀. Bí ó bá rí ọjà tí wọ́n kọ lórúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tó lọ, kó má tíì pe ẹnikẹ́ni. Kó ṣí rìsíìtì náà, kó wo ọjọ́ àti aago tí wọ́n tà á. Tí dátà bá tán láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí Bùkọ́lá lọ, àwọn ọjà tó tà kó tó lọ lè má dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá títí di ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n á wá dà bí ọjà tuntun. Bí aago inú rìsíìtì bá jẹ́ ti ọjọ́ Jímọ̀, kò sí ẹjọ́. Bó bá jẹ́ ti ọjọ́ Mọ́ńdè, Kúnlé ló wà ní káńtà lọ́jọ́ náà, ẹ bi í pé píìnì ta ló ń tẹ̀.